Ìráhùn Tí Owó Ń Bá Rìn

Ní ìparí ọdún 2015, obìnrin kan gbé ọ̀rọ̀ kóló rẹ̀ sórí Twitter. Ó ní jálẹ̀ ọdún náà lòun fi ń ju ₦1,000 sínú àpótí onígi kan lójoojúmọ́, ₦365,000 ló sì wà níbẹ̀ nígbà tí ọdún parí. Ọ̀rọ̀ náà tàn kálẹ̀. Àwọn ọ̀dọ́ mẹ́ta tí wọ́n jọ kàwé ní Yunifásítì Covenant nílùú Ọ̀tà, ìyẹn Ọdúnayọ̀ Ewéníyì, Somto Ifezue àti Joshua Chibueze, wà lára àwọn tó rí i. Nígbà tó di ọdún 2016, wọ́n ti ṣe irú kóló bẹ́ẹ̀ sórí íńtánẹ́ẹ̀tì. Piggybank.ng ni wọ́n kọ́kọ́ pè é kó tó di PiggyVest tí ọ̀pọ̀ èèyàn mọ̀ lónìí.

Àwọn tó ń sọ ìtàn yìí sábà máa ń sọ ọ́ bíi pé òye kan ṣàdédé já bọ́ láti òkè. Èmi ò rí i bẹ́ẹ̀. Obìnrin yẹn kò dúró de ẹnikẹ́ni. Ó ti ní àpótí, ó ti ń dá owó sínú rẹ̀, ó sì ti fara mọ́ gbogbo wàhálà kóló: olè lè gbé e, iná lè jó o, ẹni tó ni í gan-an sì lè fọ́ ọ ní oṣù kẹta bí owó ilé-ìwé ọmọ bá dé. Kí kóló orí fóònù tó dé rárá ni àwọn ìyá wa lọ́jà ti ń sanwó fún irú iṣẹ́ yìí. Alájọ a máa wá gba owó lójoojúmọ́; bí oṣù bá parí, owó ọjọ́ kan á di tirẹ̀. Ẹni tó gbà kí wọ́n yọ owó ọjọ́ kan nínú owó oṣù rẹ̀, kí ọwọ́ òun fúnra rẹ̀ má baà tó o, kò sẹ́ni tó ṣẹ̀ṣẹ̀ máa wàásù fún un pé irú ìpamọ́ bẹ́ẹ̀ níye lórí.

Ìdí nìyẹn tí mo fi ń sọ pé bí wọ́n bá ní kéèyàn kọ ohun tó ń bí i nínú nílé àti ládùúgbò sílẹ̀, kó lè fi rí òwò ṣe, kíkọ rẹ̀ kọ́ ni iṣẹ́. Ta ni kì í ráhùn nílẹ̀ yìí? Ṣíṣà á ni iṣẹ́. Ìráhùn tó lè di òwò ni èyí tí àwọn èèyàn ti ń ná owó tàbí àkókò lé lórí, síbẹ̀ tí ohun tí wọ́n ń rí gbà kò tẹ́ wọn lọ́rùn. Èyí tí wọ́n kàn ń fẹnu sọ nígbà tí wọ́n bá jókòó síwájú ilé, ọ̀rọ̀ ìtura ni.

Ìwé ẹnu ọ̀nà ilé ìdáná

Ìwé ìkọ̀wé ọmọ ilé-ìwé kan àti bírò ti tó. Kó wà nítòsí ilé ìdáná, níbi tí gbogbo ará ilé á ti máa rí i, torí irú ìbínú báyìí kì í pẹ́ lára. Ẹni tí gáàsì tán mọ́ lọ́wọ́ láàárọ̀ á ti gbàgbé kó tó di ọ̀sán. Bí nǹkan bá ti ṣẹlẹ̀ ni kí wọ́n kọ ọ́, kí wọ́n sì kọ nǹkan mẹ́rin: ohun tó ṣẹlẹ̀ gan-an, ẹni tó kàn, ohun tí onítọ̀hún ṣe sí i, àti iye owó tàbí wákàtí tó bá a lọ.

Nǹkan kẹta àti ìkẹrin yìí làwọn èèyàn máa ń fò, bẹ́ẹ̀ níbẹ̀ ni òwò wà. Ẹni tó bá kọ ọ́ pé "kò síná ládùúgbò wa" kò tíì kọ nǹkan kan. Ọ̀rọ̀ náà tóbi jù, kò síbi tí ọwọ́ ẹnì kan ti lè dì í mú. Àmọ́ ká ní ó kọ ọ́ báyìí: "Ata tí mo sè sínú fíríìsà kan lọ́jọ́ Ẹtì. Mo dà á nù. Mo ra òmíràn ní ₦3,000. Èkejì rẹ̀ lóṣù yìí nìyí." Ọ̀rọ̀ iná náà ló ṣì jẹ́, ṣùgbọ́n ó ti di ọ̀rọ̀ ata. Ó ṣeé ṣe kẹ́nì kan máa dín ata tà níwọ̀n tí ilé kan á jẹ tán lọ́jọ́ méjì. Ẹlẹ́ja tútù tí fíríìsà rẹ̀ ń ṣiṣẹ́ tọ̀sán-tòru sì lè máa gba owó kékeré kó fi bá àwọn èèyàn tọ́jú ọbẹ̀.

Ẹ jẹ́ ká wo irú ojú ewé tí ìdílé kan ní Ìbàdàn lè kọ láàárín ọ̀sẹ̀ kan. Lọ́jọ́ Ajé, gáàsì tán nígbà tí ìrẹsì ṣì wà lórí iná. Ọmọkùnrin ilé gbé sílíńdà lọ, ọ̀kadà gba ₦800 lálọ àtàbọ̀. Lọ́jọ́ Ìṣẹ́gun, jẹnẹrétọ̀ ilé kejì kò jẹ́ kí bàbá sùn; ó ti fèrèsé, ó sì sùn nínú ooru. Lọ́jọ́rú, ọkọ̀ tó ń kó ìdọ̀tí kò wá, wọ́n sì fún ọlọ́mọlanke ní ₦500 kó bá wọn gbé e lọ. Lọ́jọ́ Àbámẹ́ta, ìyá àti ọmọbìnrin méjì jókòó ti ẹ̀wà mọ́ínmọ́ín, wọ́n bó o láti aago méje títí aago mẹ́sàn-án fi kù díẹ̀ kó lù. Lọ́jọ́ Àìkú, kòtò ojú títì ba táyà ọkọ̀ jẹ́.

Lẹ́yìn náà ni kí wọ́n gbé ìwé náà jáde. Ohun tó bá ń dun ilé kan ṣoṣo kò tíì di ọjà. Kí wọ́n lọ síbi tí àwọn èèyàn ti ń dúró: ìdí ẹ̀rọ omi, ilé ọlọ́lọta, ẹnu ọ̀nà ilé-ìwé nígbà tí wọ́n bá ń mú ọmọ. Ẹni tó bá ń dúró máa ń sọ̀rọ̀.

Ìṣọ́ra kan wà níbẹ̀ tí àwọn ìwé òwò tí wọ́n kọ nílẹ̀ òkèèrè kò mọ̀ nípa wa. Bí ẹ bá bi ìyá àdúgbò kan pé, "Mà, bí mo bá ń bó ẹ̀wà tà, ṣé ẹ ó máa rà á?" ó máa dáhùn pé, "Á à, ó dáa gan-an, ọmọ mi, Ọlọ́run á jẹ́ ó ṣeé ṣe." Àdúrà ló gbà fún yín, kò rajà. A kì í sọ fún ọmọ ẹni pé ohun tó fẹ́ ṣe kò wúlò fún wa. Nítorí náà, ẹ má bi í léèrè ohun tó máa ṣe. Ohun tó ti ṣe ni kí ẹ béèrè: "Mà, ìgbà wo lẹ se mọ́ínmọ́ín kẹ́yìn? Ta ló bá yín bó ẹ̀wà? Ṣé ẹ̀rọ lẹ gbé e lọ ni àbí ọwọ́?" Bó bá ní ó ti tó oṣù mẹ́ta, ẹ ti gbọ́ èsì. Bó bá ní àná ni, pé òun tiẹ̀ fún ọmọ aládùúgbò ní ₦500 kó wá ran òun lọ́wọ́, ẹ kọ ₦500 yẹn sílẹ̀ kí ẹ sì fàlà sí i nídìí.

Èyí tó yẹ ká pa rẹ́

Ká padà sójú ewé wa. Kòtò ojú títì, ẹ pa á rẹ́, iṣẹ́ ìjọba ni. Ariwo jẹnẹrétọ̀ ń dun bàbá lóòótọ́, àmọ́ fèrèsé ló kàn tì, kò ná kọ́bọ̀, ẹni tó sì ń pariwo kọ́ ni ariwo ń dà láàmú. Ẹ pa òun náà rẹ́. Ti gáàsì lówó nínú, ṣùgbọ́n sílíńdà ìdílé kan lè lò ju oṣù kan lọ kó tó tán. Ẹni tó bá fẹ́ máa bá wọn gbé e á ní láti ní ilé púpọ̀ kó tó lè rí iṣẹ́ lójoojúmọ́, ewu gbígbé gáàsì sórí ọ̀kadà sì kún un.

Ìdọ̀tí gba ìdúró díẹ̀, torí pé ẹnì kan ti sọ ọ́ di òwò ní Èkó. Ní 2012, Bilikiss Adébíyì, tó lọ kàwé ní MIT lórílẹ̀-èdè Amẹ́ríkà, dá Wecyclers sílẹ̀. Ìráhùn ẹni méjì ló pa pọ̀. Àwọn ará àdúgbò ń ráhùn pé kò sí ẹni tó ń kó ìdọ̀tí. Àwọn iléeṣẹ́ tó ń sọ ike di ohun èlò tuntun náà ń ráhùn pé àwọn ò rí ike tó. Kẹ̀kẹ́ ẹlẹ́rù ni àwọn òṣìṣẹ́ rẹ̀ ń gùn wọ àwọn ojúlé tí ọkọ̀ ńlá kò lè wọ̀. Wọ́n á wọn ike, wọ́n á sì ka máàkì fún ilé náà, èyí tí wọ́n lè fi gba ẹ̀bùn. Ọ̀dọ̀ iléeṣẹ́ tó ń ra ike lowó ti ń wọlé, kì í ṣe lọ́wọ́ ẹni tó da ìdọ̀tí. Ẹni tó ń ráhùn àti ẹni tó máa sanwó lè ṣàì jẹ́ ẹnì kan náà, ó sì yẹ kí ìwé wa láàyè fún orúkọ àwọn méjèèjì.

Ẹ̀wà ló wá kù.

Ẹ̀wà bíbó

Gbogbo ẹni tó ti bó ẹ̀wà rí mọ bó ṣe ń rí: èékánná, ẹ̀yìn tó ń dun èèyàn, èèpo tó lẹ̀ mọ́ ìdí abọ́. Ìdí tí ìráhùn yìí fi dára ni pé ó ń padà wá. Ilé tó bá fẹ́ràn mọ́ínmọ́ín á sè é lẹ́ẹ̀mejì lóṣù, ó kéré tán, owó sì ti ń bá a rìn lọ́nà kan tàbí òmíràn.

Ohun tó máa kọ́kọ́ sọ sí ẹ̀dá lọ́kàn ni pé kó máa bó o, kó sá a gbẹ, kó dì í sí ọ̀rá, kó sì máa tà á. Ẹ jẹ́ ká wo bó ṣe ń lọ. Wọ́n á ṣa òkúta àti ìdọ̀tí kúrò. Wọ́n á rẹ ẹ̀wà náà fún ìṣẹ́jú díẹ̀ péré, kí èèpo lè tú, kí ọmọ inú rẹ̀ má sì mu omi yó. Ọlọ́lọta á dẹ ojú ẹ̀rọ rẹ̀ kí ẹ̀wà lè là sí méjì-mẹ́ta láìkúnná. Wọ́n á dà á sínú omi púpọ̀, èèpo á léfòó, wọ́n á sì máa dà á nù títí yóò fi mọ́. Lẹ́yìn náà, wọ́n á tẹ́ ẹ fẹ́lẹ́fẹ́lẹ́ sórí ohun tó mọ́, wọ́n á fi àwọ̀n bò ó nítorí eṣinṣin, oòrùn á sì ṣiṣẹ́ tirẹ̀.

Ibi tí òwò yìí ti ń kú ni ibi oòrùn. Ẹ̀wà tó pẹ́ nínú omi kì í tètè gbẹ, kó sì tó gbẹ, ó ti kan. Nígbà ọyẹ́, kò sí wàhálà. Nígbà òjò, ẹni tí kò ní ibi gbígbẹ tó gbóná kò gbọdọ̀ dán an wò. Bí ẹ bá fẹ́ mọ̀ bóyá ó gbẹ, ẹ fi eyín gé ọ̀kan: ó gbọ́dọ̀ ṣẹ́ pàkà. Bó bá rọ̀ lẹ́nu, tí wọ́n sì dì í sínú ọ̀rá, láàárín ọjọ́ mélòó kan, omi á máa là sára ọ̀rá náà nínú, lẹ́yìn rẹ̀ ó bu. Èyí tó ti kan máa ń pọ́n díẹ̀, ó ń rùn, àkàrà rẹ̀ sì ń ní itọ́wò tí ata kò lè bò mọ́lẹ̀.

Rírà náà ní ewu tirẹ̀. Àwọn oníṣòwò kan ti sọ oògùn apakòkòrò di ohun tí wọ́n ń wọ́n sí ẹ̀wà kí kòkòrò má baà jẹ ẹ́. Sníípà ni wọ́n ń dárúkọ jù, NAFDAC sì gbé ìgbésẹ̀ ní 2019 láti dá títa ìgò kékeré rẹ̀ dúró ní ọjà gbangba. Lọ́dọ̀ alátà tí ẹ mọ̀ ni kí ẹ ti rà á. Ẹ̀wà tí kòkòrò ti jẹ díẹ̀ sàn ju èyí tó mọ́ tónítóní tí òórùn oògùn ń jáde lára rẹ̀.

Ẹ jẹ́ ká ṣe ìṣirò. Àwọn iye tí mo fẹ́ lò yìí, àpẹẹrẹ ni, kì í ṣe iye ọjà lónìí. Ká ní kílò kan ẹ̀wà jẹ́ ₦1,600. Kílò mẹ́wàá á jẹ́ ₦16,000. Lẹ́yìn tí a bá yọ òkúta, èèpo àti èyí tó rún, ká ní kílò mẹ́jọ ló kù, ìyẹn ọ̀rá mẹ́rìndínlógún tí ọ̀kọ̀ọ̀kan jẹ́ ààbọ̀ kílò. Ẹ̀rọ, omi, ọ̀rá, ọkọ̀ àti owó ọmọ tó bá wọn ṣiṣẹ́, ká pè é ní ₦6,000. Gbogbo rẹ̀ jẹ́ ₦22,000. Bí wọ́n bá ta ọ̀rá kan ní ₦1,700, ₦27,200 ló máa wọlé, èrè á jẹ́ ₦5,200. Ó dà bíi pé ó dáa. Àmọ́ kí ọ̀rá méjì péré bu, èrè yẹn á wálẹ̀ sí ₦1,800. Ọjọ́ òjò kan ṣoṣo lè kó ọ̀sẹ̀ mélòó kan lọ.

Ojú oníbàárà wá ńkọ́? Ààbọ̀ kílò ẹ̀wà bíbó yẹn, ₦1,000 ni ẹ̀wà tútù tó máa di í. Nítorí náà ₦700 ni ìyá ilé ń san kí ó má baà bó ẹ̀wà. Ìyá tó ti fún ọmọ aládùúgbò ní ₦500 kò jìnnà sí i. Ìyá tí ọmọ rẹ̀ mẹ́ta wà nílé lọ́jọ́ Àbámẹ́ta, ₦700 náà máa ń dùn ún. Kò ní sọ fún yín, kò ní rà á ni.

Ká tún ka àwọn ilé. Ká ní ojúlé ọgbọ̀n ló wà ní òpópónà náà, tí mẹ́wàá nínú wọn ń sè mọ́ínmọ́ín lẹ́ẹ̀mejì lóṣù. Ogún ọ̀rá nìyẹn lóṣù, èrè ọ̀kọ̀ọ̀kan ₦325, àpapọ̀ ₦6,500. Kò sí ẹni tó lè fi ìyẹn gbọ́ bùkátà. Òpópónà kan lè fi han èèyàn pé ìráhùn náà wà, kò lè bọ́ ẹni tó fẹ́ wo ó sàn.

"Ẹ lọ tà á fún alákàrà," bẹ́ẹ̀ ni ẹnì kan á sọ. Òótọ́ ni pé alákàrà ń lo ẹ̀wà ju ogún ilé lọ. Àmọ́ àpò ló ń rà, ẹ̀rọ ló fi ń bó o, àwọn ará ilé rẹ̀ ló ń fọ̀ ọ́, kò sì ní san ₦700 lé e láé. Ìráhùn tirẹ̀ yàtọ̀. Ẹ bi í léèrè ohun tó ṣe láàárọ̀ yìí, ó ṣeé ṣe kó sọ fún yín pé ọlọ́lọta kò tètè ṣí, pé àwọn oníbàárà ti dúró kí òun tó gbé epo kaná. Ìlà mìíràn lèyí nínú ìwé, owó mìíràn ló sì ń bá a rìn.

Kí wọ́n tó ra ẹ̀rọ

Ẹni tó bá ka ìṣirò yìí tán tó ṣì fẹ́ ẹ̀wà lè kọ́kọ́ gbàgbé sísá. Kó kọ ọ̀rọ̀ kan ránṣẹ́ sí àwọn ilé mẹ́wàá náà lórí Wásáàpù lọ́jọ́ Ajé: ẹ̀wà bíbó tútù fún Àbámẹ́ta, kí ẹni tó bá fẹ́ sanwó kí ọjọ́ Ọjọ́bọ̀ tó tán. Ó máa bó o ní ìdájí Àbámẹ́ta, á sì gbé e dé ẹnu ọ̀nà nínú abọ́ oníbàárà. Kò ní oòrùn, kò ní ọ̀rá, kò sì ní ẹ̀wà tó ṣẹ́ kù sílẹ̀ torí pé iye tí wọ́n san owó rẹ̀ ló rà. Bí ẹni méjì bá san nínú mẹ́wàá tó sọ pé "ó dáa gan-an," méjì náà ni òye ọjà. Kí wọ́n má bínú sí àwọn mẹ́jọ.

Ọ̀nà yìí tún dín wàhálà ìwé kù níbẹ̀rẹ̀. Bí wọ́n bá ti ń dì í sí ọ̀rá tí wọ́n lẹ orúkọ mọ́, tí wọ́n ń gbé e sí ìsọ̀ àti ilé ìtajà ńlá, ìforúkọsílẹ̀ lọ́dọ̀ NAFDAC ti kàn wọ́n, owó àti àkókò rẹ̀ sì gbọ́dọ̀ wọ inú ìṣirò kí wọ́n tó tẹ orúkọ sára ọ̀rá.

Láàárín ọ̀sẹ̀ mélòó kan, àwọn oníbàárà fúnra wọn á bẹ̀rẹ̀ ìráhùn tuntun, ìyẹn ni kí wọ́n sì tètè kọ. Ọ̀kan á ní èèpo ṣì wà níbẹ̀. Òmíràn á ní aago mẹ́jọ ti pẹ́ jù. Ẹlẹ́kẹta lè sọ pé kí ni òun fẹ́ fi ẹ̀wà bíbó ṣe nígbà tóun ṣì máa gbé e lọ sí ẹ̀rọ. Kí wọ́n kúkú bá òun lọ̀ ọ́ mọ́ ata àti àlùbọ́sà, èló ni? Bó bá ti béèrè èló, ẹ gbọ́ tirẹ̀ ju ti àwọn méjì yòókù lọ. Ẹ̀wà lílọ̀ kì í pẹ́ kó tó kan, wákàtí díẹ̀ ló ní, kò sì ṣeé kó pa mọ́. Ẹni tó bá máa ṣe é gbọ́dọ̀ ní ẹ̀rọ tirẹ̀ àti epo nínú jẹnẹrétọ̀ kí ilẹ̀ tó mọ́. Ẹni tó bá sì ti ní ẹ̀rọ tó ń ṣiṣẹ́ ní aago márùn-ún ìdájí, alákàrà òpópónà kejì ti ń wá a.